‘Ọmọ mi, sun’: sun kí ni?

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ wa, pàápàá ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti jáde, tí ẹ ti ń gbọ́mọ pọ̀n, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju àwa lọ. Irú orin kan ti gba orí fóònù kan báyìí: ọ̀rọ̀ Yorùbá, ohùn òyìnbó. Wọn á mú ohùn orin ìràwọ̀ tí gbogbo wa kọ ní jẹ́lé-ó-sinmi, wọn á to ọ̀rọ̀ Yorùbá lé e lórí, wọn á ní orin tí a fi ń mú ọmọ sùn ní èdè abínibí nìyẹn. Àwọn èèyàn á máa pín in kiri, wọn á máa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àṣà wa kò ní parun. Àwa ní ohun tí wọ́n ń kọ sí ọmọ náà létí kì í ṣe Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ti gba ohùn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ mìíràn, a ó sì fi hàn yín ní sílébù kọ̀ọ̀kan.

Ohùn orin ọ̀hún kò tilẹ̀ jẹ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ Faransé ni ó ti wá, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde níbẹ̀ ní 1761. Ewì ìràwọ̀ tí Jane Taylor kọ kò jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di 1806, ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn èèyàn so méjèèjì pọ̀. Wọ́n bá ara wọn lọ nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì kò bìkítà: ẹ gbé ọ̀rọ̀ sókè o, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ o, ìtumọ̀ rẹ̀ kò yẹ̀. Èdè tiwa kò gba irú ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. A fẹ́ sọ fún ọmọ pé kó sùn, pé ilẹ̀ ti ṣú. Ìlà àkọ́kọ́ orin ìràwọ̀ kò gbà ju sílébù méje lọ, nítorí náà a ní láti yọ ‘ti’ kúrò kí ọ̀rọ̀ wa lè wọ inú rẹ̀. (Bí ẹni gé ẹsẹ̀ kí bàtà lè bá a mu.) Ìlà kejì nísàlẹ̀ yìí ni ohùn ọ̀rọ̀ náà, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ọdún àkọ́kọ́: dò ni ìsàlẹ̀, re ni àárín, mí ni òkè. Ìlà kẹta ni ohùn orin. Nọ́ńbà la fi kọ ọ́ kó má baà dàrú mọ́ dò re mí tiwa. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ohùn ń ga tó.

Ọ – mọ – mi – sùn – i – lẹ̀ – ṣú
re – re – re – dò – re – dò – mí
1 – 1 – 5 – 5 – 6 – 6 – 5

‘Ọmọ’ kò ní wàhálà, ohùn méjèèjì dọ́gba, orin náà dọ́gba. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi ‘mi’. Ó yẹ kó dúró síbi tí ‘ọmọ’ wà, ṣùgbọ́n orin fò láti 1 sí 5, ó sọ ‘mi’ di ‘mí’. Ó wá kan ‘sùn’, òun gan-an ni gbogbo iṣẹ́ tí a wá ṣe. Ó yẹ kó já wálẹ̀ sí abẹ́ ‘mi’, orin sì dì í mú síbi kan náà. Bí etí yín bá gba ibẹ̀ sí àárín, ‘sun’ lẹ gbọ́, bí ẹni sun iṣu. Bí ẹ bá gbà á sí òkè, ‘sún’ ni, bí ẹni sún sẹ́yìn. Ọ̀nà méjèèjì, oorun kò sí níbẹ̀. ‘Ilẹ̀’ náà yẹ kó sọ̀kalẹ̀, kò sọ̀. Ìkẹyìn wá burú jù. Láti ‘lẹ̀’ dé ‘ṣú’ ni ibi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti fò sókè jù nínú gbólóhùn yẹn, láti dò sí mí lẹ́ẹ̀kan. Orin lọ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. ‘Ṣú’ sì di ‘ṣu’. A ò ní túmọ̀ ìyẹn fún ọmọ Yorùbá kankan. Ìyá ń kọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, kò mọ̀ pé òun ń pàṣẹ fún ọmọ òun kó wá nǹkan sun, kó sì ṣe ìyókù sórí ibùsùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ‘oorun’. Re re re ni, gbọọrọ bí ilẹ̀ títẹ́jú. Ohùn orin èyíkéyìí tó bá já wálẹ̀ lẹ́yìn sílébù àkọ́kọ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ di ‘oòrùn’. Ẹ wá ń bẹ oòrùn kó wá gbé ọmọ lọ ní aago mẹ́wàá alẹ́.

Wọ́n á ní, ‘Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, ẹ ti dé o! Ta ni ò mọ ohun tí a ń sọ?’ Òótọ́ ni pé àgbàlagbà á mọ̀. Ìjà yìí ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá ní ayé àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n fi ohùn orin òyìnbó sílẹ̀ bó ṣe wà, àwọn ìjọ sì ń kọ ohun tí wọn kò sọ. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fẹlá, wà lára àwọn tó fi ohùn ilẹ̀ wa ṣe orin ìsìn tiwọn. Ilé-iṣẹ́ Zonophone gba àwọn orin rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó, kọ odidi ìwé tó jáde ní 1953 lórí bí ọ̀rọ̀ sísọ àti orin ṣe wọnú ara wọn ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ìwé orin lọ́wọ́, ó sì ti gbọ́ Yorùbá láti ilé. Ó lè fi òye di ihò tí orin dá sínú ọ̀rọ̀. Ọmọ oṣù mẹ́fà kò ní ohun tó máa fi dí i. Ohùn gan-an ló ṣì ń kọ́.

Ohun tí a ń sọ yìí kì í ṣe àròsọ. Karen Mattock àti Denis Burnham gbé ìwádìí kan jáde ní 2006 lórí àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ ní èdè Ṣáínà, tí òun náà jẹ́ olóhùn, àti àwọn tí wọ́n ń tọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń dá ohùn kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì ní oṣù mẹ́fà, wọ́n tún wò ó ní oṣù mẹ́sàn-án. Etí àwọn ọmọ Ṣáínà kò yí padà. Ti àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kú sí ohùn ọ̀rọ̀ láàárín oṣù mẹ́ta péré yẹn, nítorí pé èdè tí wọ́n ń gbọ́ kò fi ohùn ṣe nǹkan kan. Ọmọ yín ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu yín ní ọ̀sán, a gbà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán, rédíò ń pariwo, jẹnẹrétọ̀ ń dún, èèyàn mẹ́rin ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Alẹ́, nígbà tí ẹ bá gbé e mọ́ra, ni ẹnì kan ṣoṣo ń bá a sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó ń tún gbólóhùn kan náà wí lógún ìgbà. Ibẹ̀ gan-an lẹ wá lọ fi sun dípò sùn!

Kí wá ni ká ṣe? A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ wá orin ìyá àgbà rẹ̀ kó tó lè mú ọmọ sùn. Orin yìí kò le láti hun. Ẹ yí gbólóhùn àárọ̀ yẹn padà, kí ẹ dá ‘ti’ rẹ̀ padà fún un:

Ilẹ̀ ti ṣú, ọmọ mi, sùn.
re dò re mí, re re re dò

Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu lásán, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fa ìparí rẹ̀ gùn. Orin ti dé. Ẹ kò nílò ju ìró mẹ́ta lọ, kò sì pọn dandan kí wọ́n jìnnà síra. Ẹ kíyè sí i pé bí a ṣe to ọ̀rọ̀ ló gbé ‘sùn’ sí ìparí, ‘sùn’ sì wà ní ìsàlẹ̀, nítorí náà gbogbo ìlà ń parí sí ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí a bá fi ‘ilẹ̀ ti ṣú’ parí, òkè ni orin máa dúró sí, bí ẹni tó béèrè nǹkan tó ń retí èsì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín orin tí a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún àti orin tí a fi ń mú un sùn wà níbẹ̀. ‘Dákẹ́’ jẹ́ mí mí, ‘má sunkún’ jẹ́ mí re mí. Òkè ni wọ́n ń lọ. Wọ́n dára fún ọmọ tó ń ké, torí ohùn tìrẹ náà gbọ́dọ̀ borí ẹkún rẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti dákẹ́, tí ẹ ṣì ń kọ dákẹ́ dákẹ́ sí i létí, ẹ ò jẹ́ kó lọ ni.

Ìlà tó tẹ̀ lé e kò ní gba ohùn kan náà, kí ẹ má fi tipátipá mú un.

Adìẹ ti wọ̀, ọmọ mi, sùn.
re dò re re dò, re re re dò

Ìdajì àkọ́kọ́ yí padà nítorí pé ọ̀rọ̀ yí padà; ìdajì kejì dúró gbọin. Ohun tí òyìnbó ń fi ohùn orin kan ṣe láti ìlà dé ìlà, ègbè kékeré yẹn ló ń ṣe é fún wa. Ìdajì àkọ́kọ́ lè jẹ́ ohunkóhun tó ti lọ sùn nínú ilé: ẹyẹ, ewúrẹ́, ajá àwọn ará ilé kejì.

Ẹ tún wo oríkì. A máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì pé oríkì ń mú orí ẹni wú, a kì í sọ ohun tí ohùn rẹ̀ ń ṣe. Ẹ ka èyí tí ẹ bá rántí: Àlàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, Àdùkẹ́, Àmọ̀kẹ́. Ẹ bọ́ sí ti ọkùnrin: Àjàní, Àkànní, Àyìnlá, Àlàbí, Àlàó. Dò dò mí ni gbogbo wọn. Ọ̀kan máa ń yà díẹ̀ bíi Àjọkẹ́, tí àárín rẹ̀ jẹ́ re, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ kò yà. Orúkọ àbísọ kò rí bẹ́ẹ̀: Bọ́lá jẹ́ mí mí, Dàpọ̀ jẹ́ dò dò. Ẹ kò lè yọ Bọ́lá kí ẹ ti Dàpọ̀ bọ ibẹ̀ kí orin má yẹ̀. Oríkì ni ẹ lè pààrọ̀ láti orí ọmọ kan sí òmíràn, láti orí ọmọbìnrin sí ọmọkùnrin, tí orin kò ní mì. Bí ẹ bá sì fi ‘mi’ lé e, kí ẹ wá dé ‘sùn’:

Àlàkẹ́ mi, sùn.
dò dò mí re dò

ohùn gun òkè lórí ‘kẹ́’, ó wá sọ̀kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mí, re, dò, bí ẹni ń gbé ọmọ tó ti sùn sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní oríkì ọmọ ní ilé tirẹ̀ ti ní ìdajì orin.

Ó ku bí a ṣe ń lò ó, torí orin tó péye lè kùnà lọ́wọ́ ẹni tó bá kánjú. Ní 2022 àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Jàpáàn gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń ké. Ohun tí wọ́n rí ni pé kí a gbé ọmọ rìn fún ìṣẹ́jú 5 láìdúró, kí a wá jókòó pẹ̀lú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 8 lẹ́yìn tó bá ti sùn, kí a tó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n tètè tẹ́ sílẹ̀ ló ń tají. Èyí kò yà wá lẹ́nu, àwọn ìyá wa ti ń pọn ọmọ rìn yí àgbàlá ká kí wọ́n tó bí wa. Ohun tí a fẹ́ fi kún un ni pé orin ní láti bá ìpele mẹ́ta yẹn rìn. Nígbà tí ẹ bá ń rìn, ẹ kọ ìlà ní kíkún, kí ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín àti ọwọ́ tí ẹ fi ń gbá a nídìí pẹ́pẹ́ máa bọ́ sí ibi kan náà. Ẹ kò nílò ìlù kankan. Bí ẹ bá jókòó, ẹ yọ ìdajì àkọ́kọ́ dànù, kó ku ègbè. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú ọ̀já, ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ máa fi imú kùn ún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: ojú ọmọ á dé, ẹni tó ń kọrin á dákẹ́ lójijì, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀já. Ìdákẹ́jẹ́ àti òtútù ẹ̀yìn á dé lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ á lajú. Ẹ má wo ojú, apá ni kí ẹ wò. Ẹ gbé e sókè díẹ̀, bó bá já bọ́ọ́lọ́ láìdúró lọ́nà, ó ti lọ. Kí kíkùn yẹn má tán títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi kan ibùsùn, kó dojú kọ òkè.

Kíkùn yẹn gan-an ni ẹ̀rí wa tó le jù. Bí ẹ bá fi imú kùn re re re dò sí ọmọ tó ti gbọ́ ọ fún oṣù mélòó kan, ‘ọmọ mi, sùn’ ló ń gbọ́, bí àgbà ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu dùndún láìrí ẹnu onílù. Ẹ fi imú kùn orin ìràwọ̀, kò sọ nǹkan kan ju pé orin ni.

Ní ti fóònù, a ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀kan lára wa ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní ọmọ ọdún kan ààbọ̀. Wọ́n á tan fídíò orin sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, orin á tán, ìpolówó ọjà á bú jáde lẹ́ẹ̀mejì agbára rẹ̀, ọmọ á dìde jókòó. Fóònù kò mọ̀ pé ọmọ ti sùn. Kò lè yọ ìdajì àkọ́kọ́ dànù, kò sì mọ Àlàkẹ́ yàtọ̀ sí Àjàní.

Ọmọ ọdún méjì tó ti ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀, torí òun á máa bá yín jiyàn. Ẹ má kọ orin àlọ́ fún un ní àkókò yìí, torí orin àlọ́ ní ègbè tí olùgbọ́ ní láti gbè, ẹni tó ń gbè kò lè sùn. Bó bá béèrè pé ‘Ajá ńkọ́?’, ẹ má dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lásán. Inú orin ni kí èsì wà: ‘Ajá ti sùn, ọmọ mi, sùn.’ Mí-ìn lè béèrè nǹkan mẹ́wàá. Kí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan lọ sílẹ̀ ju ti ìṣáájú, kó sì falẹ̀ sí i. Ìbéèrè náà á wá máa jìnnà síra wọn.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ilé tiwa báyìí, torí kì í ṣe àwọn tó ń ṣe fídíò nìkan lẹ̀bi wà lọ́rùn wọn. Ẹ wo àwọn iṣẹ́ àṣekágbá tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń kọ lórí orin arẹmọlẹ́kún. A ó kó ogún orin jọ, a ó to ọ̀rọ̀ wọn sí ẹ̀yìn ìwé, a ó wá àwítúnwí, a ó wá àfiwé tààrà, a ó wá ìfohunpènìyàn, a ó parí rẹ̀ pé ó ń kọ́ ọmọ ní ìwà. Ìwé tán. Ta ló kọ ohùn orin kan sílẹ̀? Ta ló kọ ọ́ bóyá òró ni ìyá náà wà tàbí ó jókòó, ìlà wo ló kọ́kọ́ yọ, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn? Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá tí a gba orin lẹ́nu wọn tilẹ̀ kọ ọ́ fún wa ní ọ̀sán gangan, lórí àga, láìsí ọmọ kankan lẹ́yìn wọn, kíákíá kí wọ́n lè padà sídìí ọjà. Ohun tí a gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà kò lè mú adìẹ sùn. A wá ń pariwo pé orin náà ń kú, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan la gbé kúrò níbẹ̀, tí ẹlòmíràn wá mú ọ̀rọ̀ tí kò lóhùn yẹn, tó lọ wá ohùn fún un nínú orin ìràwọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa fi orin ránṣẹ́ síbí fún àkójọ tí a fẹ́ ṣe ní sẹ̀mẹ́sítà tó ń bọ̀, ẹ kọ dò re mí sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ibi tí ọmọ wà nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́: lẹ́yìn, lórí itan, tàbí lórí ẹní. Èyí tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan, a ó dá a padà fún ẹni tó fi í ránṣẹ́ kó lọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, lálẹ́.